Ọdún Wo Ni Ọgọ́rùn-ún? Àlìkámà, Owó Iṣẹ́ àti Àwòrán Tí William Playfair Yà

Ní ọdún 1821, ọkùnrin ará Sìkọ́tíláǹdì kan tó ń jẹ́ William Playfair tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́tà ló pè é, àwọn aṣòfin ilé méjèèjì ló sì kọ ọ́ sí, lórí ìnira tó bá àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Nínú lẹ́tà yìí ni àwòrán kan wà tó ṣì ń fa àròyé láàárín àwọn tó ń kọ́ nípa ìtàn ṣáàtì títí dòní.

Ẹ jẹ́ ká júwe rẹ̀. Àwọn òpó dúdúdúdú kan yọ sókè láti ìsàlẹ̀ ìwé, òpó kan fún ọdún márùn-ún márùn-ún, láti 1565 títí dé 1821. Iye owó àlìkámà nìyẹn. Ìlà kan wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, tó ń rọra gòkè láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún. Ìyẹn ni owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan fún oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọṣẹ́ dáadáa. Lókè pátápátá, Playfair to orúkọ àwọn ọba àti ọbabìnrin tó jẹ láàárín àkókò náà, láti orí Elizabeth Kìíní títí kan George Kẹrin. Ọdún tó lé ní àádọ́ta-lé-ní-igba, lójú ìwé kan ṣoṣo!

Ṣílè ni ó fi ka nǹkan méjèèjì. Àwọn àgbà wa ò tíì gbàgbé ṣílè, nítorí òun làwa náà ń ná ní Nàìjíríà kí náírà tó dé ní 1973. Ṣùgbọ́n bí orúkọ owó ṣe jọra yìí lè tan èèyàn jẹ. Ti àlìkámà jẹ́ ṣílè fún kọ́tà kan. Kọ́tà níbí kì í ṣe ìdá mẹ́rin nǹkan o. Òṣùwọ̀n ọkà ni, tó ju igba kìlógíráàmù lọ díẹ̀. Ti owó iṣẹ́ jẹ́ ṣílè fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀kan ń wọn ọkà, èkejì ń wọn àkókò. Nǹkan méjì tí òṣùwọ̀n wọn ò bára mu rárá ló dúró sórí àkàbà kan náà, tó bẹ̀rẹ̀ láti òdo tó sì dé 100.

Kí ni Playfair fẹ́ fi hàn? Lẹ́yìn tí ogun Napoleon parí ní 1815, owó àlìkámà já wálẹ̀, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn onílẹ̀ sì ń pariwo. Ìjọba ti ṣòfin ní 1815 pé àlìkámà òkèèrè kò gbọdọ̀ wọlé fún títà bí ti ilé kò bá tíì tó ṣílè 80 fún kọ́tà kan. Playfair wá sọ nínú lẹ́tà rẹ̀ pé tí a bá fi owó iṣẹ́ wọn àlìkámà, àlìkámà ò pọ́ọ́kú tó báyìí rí láti ìgbà tí àkọsílẹ̀ òun ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwòrán náà, ohun tí ojú rí yàtọ̀. Ojú rí òpó àlìkámà tó ń ga fíofío lọ́wọ́ ìparí, ó sì rí ìlà owó iṣẹ́ tó ń rákò nísàlẹ̀ bí ìgbín. Ẹni tí kò bá ka lẹ́tà náà á sọ pé oúnjẹ ti sá fi òṣìṣẹ́ sílẹ̀ jìnnà. Àwòrán Playfair ń ta ko Playfair fúnra rẹ̀.

Ẹni tó yẹ kó mọ̀

Playfair kì í ṣe òpè nínú iṣẹ́ yìí. Ọdún 1759 ni wọ́n bí i. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó ṣiṣẹ́ ayàwòrán ẹ̀rọ fún James Watt, ẹni tó sọ ẹ̀rọ tí ooru omi ń tì di ohun tí ayé ń lò. Ní 1786 ló tẹ ìwé rẹ̀ lórí òwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde, ìwé tó kọ́kọ́ fi ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ ṣàlàyé ọjà tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Ní 1801 ó fi àwòrán òbírí tí wọ́n gé bí ẹni gé àkàrà kún un. Púpọ̀ nínú ṣáàtì tí a ń rí lórí fóònù wa lónìí, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti jáde.

Nítorí náà, ìmọ̀ ìyàwòrán kọ́ ló kù fún un. Ìbéèrè tó ń bi nọ́ńbà rẹ̀ ni kò bá àwòrán tó yà mu. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: láti ìgbà ayé Elizabeth, èwo ló pọ̀ sí i jù ní ìwọ̀n ara rẹ̀, àlìkámà ni àbí owó iṣẹ́? Àwòrán rẹ̀ sì ń dáhùn ìbéèrè mìíràn: ṣílè mélòó ló kún èyí, ṣílè mélòó ló kún ìyẹn? Ìbéèrè méjì yìí jọra létí, àmọ́ ìdáhùn wọn lè kọ ẹ̀yìn síra wọn.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti ka nọ́ńbà inú àwòrán náà jáde, òpó kọ̀ọ̀kan. Ní 1565, kọ́tà àlìkámà kan jẹ́ ṣílè 41, owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan sì jẹ́ ṣílè 5. Ní 1810, àlìkámà ti di ṣílè 99, owó iṣẹ́ ti di 30. Tí a bá ń ka ṣílè, 58 ló kún àlìkámà, 25 péré ló kún owó iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí òpó fi ga ju ìlà lọ.

Ẹ jẹ́ ká tún àwòrán náà yà

Ohun tí a máa ṣe kò le. A ó mú ọdún kan, a ó pè é ní ọdún ìpìlẹ̀. A ó wá mú nọ́ńbà ọdún kọ̀ọ̀kan, a ó pín in sí nọ́ńbà ti ọdún ìpìlẹ̀, a ó sì fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Àlìkámà ni a ó fi pín àlìkámà, owó iṣẹ́ ni a ó fi pín owó iṣẹ́. Kò sí èyí tó gbọdọ̀ yá ìpìlẹ̀ ẹnìkejì rẹ̀ lò. Nọ́ńbà tó bá jáde ni à ń pè ní atọ́ka.

Ká mú 1565 ní ìpìlẹ̀. Ní ọdún yẹn, àlìkámà jẹ́ 41 tí a pín sí 41, ó di 100. Owó iṣẹ́ jẹ́ 5 tí a pín sí 5, òun náà di 100. Àwọn méjèèjì dúró sójú ìlà kan náà bí àwọn tó fẹ́ sá eré ìje. Wàyí o, ẹ lọ sí 1810. Àlìkámà: 99 tí a pín sí 41, tí a fi 100 sọ di púpọ̀, ó jẹ́ bíi 241. Owó iṣẹ́: 30 tí a pín sí 5, tí a fi 100 sọ di púpọ̀, ó jẹ́ 600.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ìlà tó ń rákò nísàlẹ̀ níjelòó ti fò sókè ju òpó lọ. Láàárín ọdún 245 yẹn, àlìkámà di ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ó dín díẹ̀, owó iṣẹ́ sì di ìlọ́po mẹ́fà gẹ́lẹ́. Ohun tí Playfair ń fi ẹnu sọ ti wá hàn lójú.

Ẹ tún kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn òṣùwọ̀n. Nígbà tí a pín ṣílè-fún-kọ́tà sí ṣílè-fún-kọ́tà, ṣílè pa ṣílè rẹ́, kọ́tà pa kọ́tà rẹ́. Nígbà tí a pín ṣílè-fún-ọ̀sẹ̀ sí irú ara rẹ̀, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́ nọ́ńbà lásán, tí kò ní ọkà nínú, tí kò ní ọ̀sẹ̀ nínú. Ó kàn ń sọ iye ìgbà tí nǹkan fi ju ara rẹ̀ àtijọ́ lọ. Ìdí nìyí tí a fi lè fi tọ́ọ̀nù kòkó, iye èèyàn ìlú kan àti owó ọkọ̀ sójú àwòrán kan ṣoṣo láìsí ìjà.

Ọ̀nà kan wà tí a lè fi yẹ iṣẹ́ wa wò. Ní 1565, oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń gba ṣílè 5 lọ́sẹ̀ ní láti ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àti díẹ̀ kó tó lè ra kọ́tà àlìkámà kan tó jẹ́ ṣílè 41. Ní 1810, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti díẹ̀ ti tó. Ọ̀sẹ̀ 8.2 tí a pín sí 3.3 jẹ́ bíi 2.5. Ẹ wá pín atọ́ka méjèèjì náà: 600 tí a pín sí 241, ó tún jẹ́ bíi 2.5. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àmọ́ ọjà kan náà la bá ara wa.

Kòkó àti kànáfùrù

Playfair kú ní 1823. Ó tó ogójì ọdún lẹ́yìn náà kí ẹnì kan tó fi irú ìṣirò yìí ja ìjà ńlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe pé èrò náà jẹ́ tuntun pátápátá. Ní 1764, ọmọ Ítálì kan, Gian Rinaldo Carli, ti fi owó ọkà, owó wáìnì àti owó òróró ìgbà rẹ̀ wé ti nǹkan bí ọdún 1500, ó sì pín ìkọ̀ọ̀kan sí iye tirẹ̀ àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ kí ọ̀ràn yìí wọ àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé lára ni William Stanley Jevons.

Ìtàn Jevons dùn. Lifapúùlù ni wọ́n ti bí i ní 1835. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìdínlógún, ó wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Sídínì ní Ọsirélíà, níbi tí wọ́n ti gbà á síṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ti ń rọ owó wúrà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa dán wúrà wò, kó mọ bó ṣe mọ́ tó. Wọ́n ti rí wúrà ní Kalifọ́níà ní 1848, wọ́n tún rí i ní Ọsirélíà ní 1851, wúrà sì ń ya wọ inú ayé bí omi òjò. Ọdún márùn-ún ni ọwọ́ Jevons fi ń kan wúrà yìí lójoojúmọ́.

Nígbà tó padà sílé, ìbéèrè tó gbà á lọ́kàn ni pé: wúrà tó pọ̀ tó báyìí, ṣé kò tíì dín iye wúrà fúnra rẹ̀ kù? Wúrà ni owó nígbà náà. Tí iye wúrà bá já, ohun tí a máa rí ni pé gbogbo ọjà á wọ́n. Àmọ́ ọjà wo ni kí á wò? Irin ń lọ ní tọ́ọ̀nù, òwú ń lọ ní ìwọ̀n pọ́n-ùn, ọkà ń lọ ní kọ́tà. Èèyàn ò lè kó owó wọn pọ̀ kó sọ pé òun ti rí owó ọjà.

Jevons mú ọjà pàtàkì 39. Ó sọ owó ìkọ̀ọ̀kan di atọ́ka, ìyẹn ni pé ó pín in sí ìpíndọ́gba owó tirẹ̀ láàárín 1845 sí 1850. Ìwé pẹlẹbẹ tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1863, ó sì sọ níbẹ̀ pé iye wúrà ti já, ó kéré tán, bíi ìdá 9 nínú 100.

Ibì kan wà nínú ìwé náà tó yẹ kí ọmọ Yorùbá dúró wò, torí kòkó ni ó fi ṣàpẹẹrẹ, nígbà tí kòkó ò tíì di iṣẹ́ ilẹ̀ wa. Ó ní owó kòkó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láti ìgbà ìpìlẹ̀ òun, nítorí náà atọ́ka rẹ̀ di 200. Kànáfùrù ní tirẹ̀ já sí ìdajì, atọ́ka rẹ̀ di 50. Kí ni ìpíndọ́gba àwọn méjèèjì? Tí a bá ro 200 mọ́ 50 tí a pín in sí méjì, 125 ló máa jáde, bí ẹni pé ọjà ti fi ìdá 25 wọ́n. Àmọ́ ọ̀kan di ìlọ́po méjì, èkejì di ìdajì. Wọ́n pa ara wọn rẹ́ ni! Jevons ní kí á sọ 200 di púpọ̀ pẹ̀lú 50, kí á wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé tí a bá fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, iye yẹn náà ló máa jáde. 200 lọ́nà 50 jẹ́ 10,000. 100 lọ́nà 100 náà jẹ́ 10,000. Ìdáhùn jẹ́ 100, ìyẹn ni pé kò sí ohun tó yí.

Àwọn onímọ̀ mìíràn ta ko ọ̀nà yìí, àríyànjiyàn náà ò sì tán bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ mú jáde níbẹ̀ ni pé atọ́ka kì í ṣe iye nǹkan, ìlọ́po ni. Ẹni tó bá ń ro ìlọ́po pọ̀ bí ẹni ń ro owó pọ̀ lè rí ọ̀wọ́n níbi tí ọ̀wọ́n ò sí.

Ẹni tó yan ọdún ló yan ìtàn

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Playfair, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an wà. A mú 1565 ní ìpìlẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni àwòrán rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló ní dandan ni kó jẹ́ ibẹ̀?

Òpó ọdún 1595 ga gan-an, ṣílè 64. Kì í ṣe àṣìṣe. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni òjò bá ìkórè jẹ́ léraléra ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyàn sì mú. Òpó tó tẹ̀ lé e, ti 1600, wá kúrú jọjọ, ṣílè 27. Owó iṣẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà láàárín méjèèjì: 5.54 ní àkọ́kọ́, 5.61 ní èkejì. Wàyí, ká fi ìkọ̀ọ̀kan ṣe ìpìlẹ̀, ká wo ibi tí ìlà méjèèjì máa dé ní 1810.

| Ìpìlẹ̀ tó jẹ́ 100 | Àlìkámà ní 1810 | Owó iṣẹ́ ní 1810 |
|---|---|---|
| 1565 | 241 | 600 |
| 1595 | 155 | 542 |
| 1600 | 367 | 535 |

Kò sí nọ́ńbà kankan tí a fọwọ́ rọ́. Ohun tí Playfair kọ sílẹ̀ náà ni. Síbẹ̀, tí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ọdún ìyàn, àlìkámà ò tíì di ìlọ́po méjì. Tí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ọdún ọ̀pọ̀, ó ti ju ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ. Àgbẹ̀ tó fẹ́ kí ìjọba ṣàánú òun á mú 1595, á ní, "Ẹ wò ó, ọkà wa ò tíì wọ́n rárá." Òṣìṣẹ́ tó fẹ́ ká fi owó kún owó òun á mú 1600, á ní, "Oúnjẹ ti fò lọ." Àwọn méjèèjì á gbé ṣáàtì wá, ṣáàtì méjèèjì á sì pé.

Báwo la ṣe lè mọ̀ pé ẹnì kan ti mú ọdún tó bá a lára mu? Ẹ wo ohun tó yí ọdún ìpìlẹ̀ ká. Tí ọdún náà bá ga tàbí kúrú ju àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ púpọ̀, ẹ fura. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìpìlẹ̀ náà síwájú ọdún kan, ẹ tún gbé e sẹ́yìn. Tí ìtàn bá yí padà, ọdún ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ọjà.

Àtúnṣe rẹ̀ náà wà lọ́wọ́ Jevons. Kò mú ọdún kan ṣoṣo. Ọdún mẹ́fà ló mú, tó ní ìgbà ọ̀wọ́n àti ìgbà ọ̀pọ̀ nínú, ó sì fi ìpíndọ́gba wọn ṣe ìpìlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe irú ẹ̀ fún Playfair. Ìpíndọ́gba òpó mẹ́fà àkọ́kọ́, láti 1565 títí dé 1590, jẹ́ bíi ṣílè 44.25 fún àlìkámà àti bíi ṣílè 5.11 fún owó iṣẹ́. Tí a bá fi èyí ṣe 100, àlìkámà á wà ní 224 ní 1810, owó iṣẹ́ á wà ní 587. Ìyẹn sún mọ́ èyí tí a kọ́kọ́ rí. A lè gbà pé 1565 kì í ṣe ọdún àrà ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ Playfair sì dúró lórí ẹsẹ̀ tó lágbára díẹ̀.

Ó lágbára díẹ̀ la wí o. Atọ́ka ò lè wo àìsàn tó wà lára nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Ìlà owó iṣẹ́ Playfair jẹ́ ti oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọṣẹ́. Kò sọ ohunkóhun nípa alágbàro tàbí obìnrin tó ń rànwú. Òpó àlìkámà rẹ̀ sì ń fo ọdún márùn-ún, ìyàn lè wọlé kó sì jáde láàárín òpó méjì láìfi ẹsẹ̀ hàn.

Ohun tí àwòrán yìí ò lè sọ

Nínú àwòrán wa tuntun, ìlà méjèèjì pàdé ní 1565. Ṣé ìyẹn ni pé àlìkámà àti owó iṣẹ́ dọ́gba lọ́dún yẹn? Rárá o. Ọ̀kan jẹ́ 41, èkejì jẹ́ 5. Àwa la mú wọn pàdé. Bákan náà, tí ìlà méjì bá gba orí ara wọn kọjá níwájú, kò túmọ̀ sí pé kékeré ti di ńlá. Ó kàn túmọ̀ sí pé láti ọdún ìpìlẹ̀ dé ibẹ̀, ìlọ́po wọn ti bára dọ́gba. Tí a bá gbé ìpìlẹ̀ lọ síbòmíràn, ibi ìkọjá náà á kúrò. Ìlú kékeré tó ní èèyàn ẹgbẹ̀rún kan lè di 300 lórí atọ́ka nígbà tí ìlú ńlá wà ní 120, síbẹ̀ ìlú ńlá ṣì ni ìlú ńlá. Nítorí náà, ó dára kí ẹni tó ya ṣáàtì kọ iye gidi ti ọdún ìpìlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ lórí àkàbà náà tún máa ń ṣini lọ́nà. Láti 100 sí 110, ìdá 10 nínú 100 ló kún un. Láti 500 sí 510, ìgbésẹ̀ mẹ́wàá náà ni lójú, àmọ́ ìdá 2 péré ló kún un. Bí ìlà bá ti ń jìnnà sí ìpìlẹ̀ ló ṣe máa ń dà bí ẹni pé ó ń sáré sí i, bẹ́ẹ̀ ó lè ti máa rẹ̀ ẹ́ ní ti gidi.

Ọ̀rọ̀ yìí kò dúró sí ayé Playfair. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, àjọ tó ń ṣírò nǹkan fún ìjọba Nàìjíríà yí ọdún ìpìlẹ̀ atọ́ka owó ọjà padà láti 2009 sí 2024. Ọ̀wọ́ngógó ọjà tí wọ́n ní ó jẹ́ 34.80 nínú 100 ní Oṣù Kejìlá ọdún 2024 wá di 24.48 ní Oṣù Kìíní ọdún 2025. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní ọdún tí wọ́n yí ló fà á. Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ká ní atọ́ka kan kúrò ní 400, ó dé 500: ìdá 25 ló fi kún. Ká wá sọ ibi tó wà ní 400 di ìpìlẹ̀ tuntun, ká pè é ní 100. 500 á di 125. Ìdá 25 náà ni! Kéèyàn yí ìpìlẹ̀ nìkan kò lè yí ìdá tí nǹkan fi ń gòkè, bí ìgbà tí èèyàn bá sún gbogbo àwọn tó ń sáré síwájú lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Ohun tó lè yí i ni ohun tó bá ìpìlẹ̀ tuntun wọlé. Àjọ náà tún àwọn ọjà tó wà nínú agbọ̀n rẹ̀ tò, ó sì tún ìwọ̀n wọn ṣe. Ìwọ̀n oúnjẹ, tó ti lé díẹ̀ ní ìdajì agbọ̀n tẹ́lẹ̀, já sí nǹkan bí ìdá 40 nínú 100. Nítorí náà, nọ́ńbà Oṣù Kejìlá àti ti Oṣù Kìíní kì í ṣe ọmọ agbọ̀n kan náà. Ẹni tó fa ìlà láti ọ̀kan dé èkejì, tó ní ọ̀wọ́n ti fi ìdá mẹ́wàá rọ̀ láàárín oṣù kan, irú ohun tí ojú ń ṣe pẹ̀lú àwòrán Playfair ló ṣe: ó fi nǹkan méjì tí òṣùwọ̀n wọn yàtọ̀ sórí àkàbà kan.

Tí wọ́n bá wá gbé ṣáàtì tó bẹ̀rẹ̀ láti 100 síwájú yín lọ́la, ẹ má tíì wo ibi tí ìlà parí sí. Ẹ wo apá òsì ná. Ọdún wo ni wọ́n pè ní 100, báwo ni ọdún náà ṣe rí, iye gidi wo ló sì wà lábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀? Ẹni tó ya àwòrán náà ti sọ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, kí ìlà tó gbéra.